Àtẹ Ojúṣe Ìgbìmọ̀ Ìsìnkú: Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ Ọ́ Kí Iṣẹ́ Kankan Má Bàa Já Sílẹ̀

Ìwé tí ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ìsìnkú ń gbé kiri kì í ṣe àtẹ ojúṣe. Wọ́n á to orúkọ iṣẹ́ sí apá kan, wọ́n á kọ “àwọn ọmọ” sí iwájú rẹ̀, wọ́n á ní “kó tó di ọjọ́ ìsìnkú”, ó tán. Ilẹ̀ Ọjọ́ Ẹtì á mọ́, ọkọ̀ agbókùú á ti dé mọ́ṣúárì, ẹni tí rìsíìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀ á ṣì máa wẹ̀ nílé. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀, torí pé kò sí ẹni tí wọ́n ní kó mú un dání.

Ẹ jẹ́ ká fi ìsìnkú kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá àgbà ni, onígbàgbọ́. Ọmọ mẹ́rin ló bí, ìkẹta wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Òkú wà ní mọ́ṣúárì, ìsìnkú ku ọjọ́ 21. Àìsùn máa wáyé ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìsìnkú ní Ọjọ́ Ẹtì, ìdúpẹ́ ní Ọjọ́ Àìkú. Bí ti Mùsùlùmí bá ni, wọn kì í fi òkú pamọ́ bẹ́ẹ̀. Fídàú ọjọ́ kẹjọ ni ẹ máa ṣe àtẹ fún, ọjọ́ yín á sì kéré púpọ̀.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ní kí ẹ tó fa ìlà kankan

- Ọjọ́ ìsìnkú tí ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn àgbà ẹbí jọ fọwọ́ sí. Kí ẹ gba ti ṣọ́ọ̀ṣì nínú ìwé. “Àlùfáà ní kò burú” kò tó.
- Ìwé tí mọ́ṣúárì fún ẹni tó gbé òkú síbẹ̀, àti ìwé ikú láti ilé ìwòsàn.
- Iye àlejò tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń retí, tí òun fúnra rẹ̀ sọ.
- Àkáǹtì kan ṣoṣo tí owó àjọdá máa wọ̀, tí ẹni méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kí owó tó jáde.
- Alága, akọ̀wé, akápò, àti àgbà kan tó máa máa gbẹnu sọ fún ẹbí. Akápò kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń ra nǹkan. Ẹni tó ń ra nǹkan tó tún ń tọ́jú owó kì í rí ìgbà kọ rìsíìtì sílẹ̀.

1. Ẹ kọ́kọ́ ya àpò sọ́tọ̀

Nínú ìsìnkú Yorùbá, owó méjì ló ń rìn pọ̀. Èkínní ni owó tí gbogbo ọmọ jọ dá: mọ́ṣúárì, pósí, ibojì, ṣọ́ọ̀ṣì, kánópì. Èkejì ni owó tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń ná fún àlejò tirẹ̀: oúnjẹ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ọtí wọn, màlúù tó bá fẹ́ pa, ẹ̀bùn tó fẹ́ pín, aṣọ tó fẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ̀. Bí méjèèjì bá wà nínú àtẹ kan náà, ẹni tí àlejò rẹ̀ jẹ́ 40 á rí i pé òun ń bọ́ àlejò 120 ti ẹ̀gbọ́n òun. Ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Torí náà, owó àjọdá nìkan ni kó wà nínú àtẹ ìgbìmọ̀. Oúnjẹ àlejò wà lọ́wọ́ olúkúlùkù, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ ohun mẹ́ta nípa rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àtẹ: orúkọ alásè ọmọ kọ̀ọ̀kan, iye àlejò rẹ̀, àti kánópì tí wọ́n máa jókòó sí. Ẹni tó ń gba kánópì nílò iye yẹn. Bí àròpọ̀ àlejò bá jẹ́ 250, tí tábìlì kan sì ń gba àga 10, tábìlì 25 ni yóò gbà, kì í ṣe “bíi ogún”.

Ọmọ tó bá ń se oúnjẹ fúnra rẹ̀ lè fi èyí ṣírò: bí abọ́ kan bá gba 200 gíráàmù ìrẹsì tí a kò tíì sè, àpò ìrẹsì 50 kílò máa bọ́ ènìyàn 250. Ẹ má gbàgbé àwọn tí kò sí lórí ìwé, ìyẹn awakọ̀, olórin, àwọn agbépósí, àwọn ọmọ àdúgbò. Kí ẹnì kan nínú àwọn ọmọ gbà láti bọ́ wọn, kí ó sì wà ní kíkọ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ka ìlà kọ̀ọ̀kan sókè níwájú gbogbo ọmọ, ẹ bi wọ́n pé “àpò wo?” Bí ìdáhùn méjì bá jáde lórí ìlà kan, ẹ kò tíì yà á.

2. Ẹ gé iṣẹ́ títí ẹnì kan ṣoṣo yóò fi lè dá a parí

“Ètò ibojì” kì í ṣe iṣẹ́ kan. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ bá baálé sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀, kí ẹnì kan wọn pósí, kí ẹnì kan bójú tó bírikilà. Bí ẹ bá kọ ọ́ papọ̀, bírikilà máa gbẹ́ ibojì kó tó mọ bí pósí ṣe fẹ̀ tó. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á wọn ara pósí láì ka ọwọ́ ìdìmú tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, pósí á sì há lójú gbogbo ayé. Ẹ wọ̀n ọ́n láti etí ìdìmú kan dé etí ìkejì, kí ẹ fi ínǹṣì 6 kún un ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí okùn tó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lè ráyè.

Ní iwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ ẹnì kan pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ orúkọ igbákejì kan tó máa dìde bí ti àkọ́kọ́ kò bá gbé fóònù. Ẹ má kọ “àwọn ìyàwó ilé”, ẹ kọ orúkọ ìyàwó àgbà tó máa pín iṣẹ́ fún wọn. Ẹ má sì fi iṣẹ́ tó nílò ẹsẹ̀ sí ọwọ́ ọmọ tó wà lókè òkun. Ìkẹta tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè gba àkójọ ọ̀rọ̀ inú ìwé ètò, torí pé orí fóònù ni iṣẹ́ yẹn wà. Kò lè gba kánópì.

Àtẹ àpẹẹrẹ wa nìyí. Nínú tiyín, orúkọ gidi ni kó wà lábẹ́ “Ẹni tó ni ín”.

| Iṣẹ́ | Ẹni tó ni ín | Gbèdéke | Ẹ̀rí pé ó parí |
|---|---|---|---|
| Owó àjọdá pé | Akápò | Ọjọ́rú, ó ku 16 | Ìwé àkáǹtì |
| Ilẹ̀ ibojì | Àgbà ẹbí | Ọjọ́ Ẹtì, ó ku 14 | Baálé dé ojú ilẹ̀, wọ́n gún igi síbẹ̀ |
| Pósí yíyàn àti wíwọ̀n | Ọmọ kejì | Ọjọ́ Àìkú, ó ku 12 | Ìwọ̀n ní kíkọ, rìsíìtì |
| Gbèsè ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì | Àbíkẹ́yìn | Ọjọ́ Àìkú, ó ku 12 | Rìsíìtì akápò ìjọ |
| Ọ̀rọ̀ inú ìwé ètò | Ọmọ kẹta | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ku 10 | Ọmọ mẹ́rin fọwọ́ sí i |
| Ibojì àti ìdérí kọnkéré | Àkọ́bí | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ku 10 | Fọ́tò, àti ìwọ̀n tó bá ti pósí mu |
| Kánópì, àga, tábìlì | Àbíkẹ́yìn | Ọjọ́bọ̀, ó ku 8 | Rìsíìtì àsansílẹ̀ tó ní iye àga |
| Jẹnẹrétọ̀, epo, ẹ̀rọ gbohùngbohùn | Ọkọ ọmọ kejì | Ọjọ́bọ̀, ó ku 8 | Wọ́n tàn án gbọ́ |
| Ìwé ètò títẹ̀ | Àbíkẹ́yìn | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ku 3 | Páálí wà nílé |
| Owó mọ́ṣúárì parí | Àkọ́bí | Ọjọ́rú, ó ku 2 | Ìwé ìgbókùújáde |

Ẹ wo orúkọ àbíkẹ́yìn. Ìgbà mẹ́ta ló jáde nínú ìlà mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ méjì sì bọ́ sí ọjọ́ mẹ́jọ tó kẹ́yìn. Ohun tí ojú kì í rí nìyẹn bí iṣẹ́ bá wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹnì kankan kò gbọdọ̀ ju iṣẹ́ méjì lọ. Ẹ yọ ọ̀kan lọ́rùn rẹ̀ fún ọmọ-ọmọ tó ti dàgbà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ pe ẹni kọ̀ọ̀kan lórí fóònù, kí ó fẹnu ara rẹ̀ sọ iṣẹ́ rẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀. Àmì “mo ti rí i” lórí Wáàsáàpù kò jẹ́ ẹ̀rí pé ó gbà.

3. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kíka ọjọ́ láti ẹ̀yìn, kí ẹ sì kọ orúkọ ọjọ́

Bí àgbà bá ní “ọjọ́ kẹjọ òní”, ó ti ka òní mọ́ ọn. Ọmọdé tó kàwé kì í ka òní. Ọjọ́ kan ló wà láàárín méjèèjì, ọjọ́ kan náà sì lè jẹ́ kí alásè dé ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Torí náà, ẹ kọ orúkọ ọjọ́ àti déètì pọ̀ ní gbogbo ìlà, kí ẹ sì fi “ó ku mélòó” tì í.

Iṣẹ́ tó gba àkókò tí ẹnikẹ́ni kò lè fi owó rà ni kí ẹ kọ́kọ́ fún ní ọjọ́. Kọnkéré ni àkọ́kọ́. Ìdérí ibojì tí wọ́n dà ní ọjọ́ méjì ṣáájú lè sán nígbà tí wọ́n bá ń gbé e. Ó yẹ kó ní ó kéré tán ọjọ́ 7 lábẹ́ àpò tútù kí ọwọ́ tó kàn án. Ìdí tí ìlà ibojì fi wà ní “ó ku 10” nìyẹn: ọjọ́ mẹ́ta tó lé ni ti òjò. Ẹ bi baálé pẹ̀lú bóyá àṣà ilé yín gbà kí ibojì wà ní ṣíṣí mọ́jú. Bí kò bá gbà, ẹ dà ìdérí sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣáájú, kí gbígbẹ́ wá dúró di àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì.

Ìwé ètò ni èkejì, òun ló sì máa ń fa ẹkún jù. Kì í ṣe títẹ̀ ló ń pẹ́, orúkọ ni. Orúkọ ọmọ-ọmọ kan á sọnù, ti ìyàwó kan á wọlé lẹ́ẹ̀mejì, orin tí ṣọ́ọ̀ṣì yàn kò ní bá èyí tó wà nínú ìwé mu. Gbèdéke mẹ́rin ni ẹ máa fún un: ọ̀rọ̀ parí ní ó ku 10, ó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé ní ó ku 9, ẹ̀dà ìyẹ̀wò padà ní ó ku 7, páálí dé ní ó ku 3. Lórí ẹ̀dà ìyẹ̀wò, ọmọ kọ̀ọ̀kan á fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ìdílé tirẹ̀ nìkan. Ẹni tó fọwọ́ sí i kò tún lè bínú. Nọ́ńbà orin àti ẹsẹ Bíbélì, ọwọ́ àlùfáà ni kó ti wá, nínú ìwé.

Ẹ̀kẹta ni ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ ìjọ máa ń wo ìwé owó ìjọ ìyá kí wọ́n tó gbà láti ṣe ìsìn. Bí ó bá ti ń ṣàìsàn fún ọdún mẹ́ta, ó lè jẹ́ pé gbèsè ọdún mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ẹ béèrè ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó má jẹ́ àárọ̀ ìsìnkú ni wọ́n máa yọ ọ́ sí yín.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fi ìka tọ gbèdéke kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín pé “bí èyí bá kùnà, ọjọ́ mélòó ló kù láti tún un ṣe?” Bí ìdáhùn bá jẹ́ òdo, ẹ fà á sẹ́yìn. Mọ́ṣúárì nìkan ló lè pẹ́ dé ó ku 2, torí pé ojoojúmọ́ ni owó rẹ̀ ń gorí.

4. Ẹ fi ẹ̀rí rọ́pò “mo ti ṣe é”

Apá tó kẹ́yìn nínú àtẹ yẹn, “Ẹ̀rí pé ó parí”, ni ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ kì í ní. “Mo ti bá oníkánópì sọ̀rọ̀” lè túmọ̀ sí pé wọ́n pàdé lójú ọ̀nà. Àsansílẹ̀ tó wà lórí rìsíìtì, tó ní déètì, iye àga àti àdírẹ́sì, ìyẹn ni iṣẹ́ tó parí. Ti jẹnẹrétọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n tàn án fún ogún ìṣẹ́jú pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lórí rẹ̀. Èyí tí wọ́n tàn lásán kò sọ nǹkan kan.

Akọ̀wé nìkan ló gbọ́dọ̀ máa yí àtẹ padà. Bí ẹ bá lo Google Sheets, kí àwọn yòókù máa wò ó láìlè kọ ọ́. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀, torí pé àwọn àgbà tó máa pinnu kì í ṣí fóònù.

5. Owó: ohun tó wà lọ́wọ́, kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣèlérí

Iye tó wà nísàlẹ̀ yìí, àpẹẹrẹ ni. Ẹ fi ti ọjà ìlú yín rọ́pò rẹ̀. Bó ṣe rí nìyí nígbà tó ku ọjọ́ 8:

| Ohun | Àdéhùn (₦) | A ti san | Ó kù |
|---|---|---|---|
| Mọ́ṣúárì | 120,000 | 60,000 | 60,000 |
| Pósí | 350,000 | 250,000 | 100,000 |
| Ọkọ̀ agbókùú àti agbépósí | 150,000 | 50,000 | 100,000 |
| Ibojì | 250,000 | 250,000 | 0 |
| Ṣọ́ọ̀ṣì | 100,000 | 100,000 | 0 |
| Ìwé ètò, bánà | 130,000 | 80,000 | 50,000 |
| Ìpanu àìsùn | 150,000 | 0 | 150,000 |
| Kánópì, àga, tábìlì | 180,000 | 90,000 | 90,000 |
| Jẹnẹrétọ̀, epo, ohùn | 120,000 | 30,000 | 90,000 |
| Àgbà ẹbí, ìyàwó ilé | 100,000 | 0 | 100,000 |
| Àròpọ̀ | 1,650,000 | 910,000 | 740,000 |

Ẹ fi ìdá mẹ́wàá kún un fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀, ìyẹn ₦165,000. Gbogbo rẹ̀ di ₦1,815,000. Bí ọmọ mẹ́rin bá pín in dọ́gba, ₦453,750 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ká ní mẹ́ta ti san tiwọn, ìkẹrin ní òun á san “lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀”. Owó tó wọlé jẹ́ ₦1,361,250. Ẹ yọ ₦910,000 tí ẹ ti san kúrò, ₦451,250 ló wà lọ́wọ́. Ẹni tó wo àkáǹtì nìkan á ní owó wà. Ṣùgbọ́n gbèsè tó kù jẹ́ ₦740,000. Ó ṣẹ́ yín ní ₦288,750, ẹ kò sì tíì fọwọ́ kan owó ohun àìròtẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá tilẹ̀ fagi lé ìpanu àìsùn pátápátá, ₦150,000 péré ló máa padà. Ìdí nìyí tí gbèdéke owó àjọdá fi jẹ́ ó ku 16: títí di ìgbà yẹn, ẹ kò tíì sanwó fún ọ̀pọ̀ nǹkan, ẹ ṣì lè yan pósí tó kéré sí i. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti san àsansílẹ̀, ibi tí ẹ lè gé kò pọ̀ mọ́.

Ti ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, náírà ni kí ẹ dá owó lé e, kì í ṣe pọ́n-ùn. Bí owó bá gòkè tàbí tó bá já kí ó tó fi ránṣẹ́, òun ló ni àlékún, òun ló ni àdínkù. Àgbékalẹ̀ tó bá jẹ́ “£200” máa ń di àríyànjiyàn.

Owó “àgbà ẹbí àti ìyàwó ilé” ni ọ̀pọ̀ ọmọ tó ti pẹ́ nílùú ńlá máa ń gbàgbé. Ẹ jẹ́ kí àgbà tó ń gbẹnu sọ fún ẹbí kọ ohun tí ilé ń gbà, ohun kan lẹ́yìn òmíràn, kí ó sì sọ ẹni tí wọ́n máa kó o fún. Ẹ tún béèrè bí wọ́n ṣe ń pín ẹran tí ẹnikẹ́ni bá pa, apá wo ló jẹ́ ti tani. Bí wọ́n bá fẹ́ dúnàá-dúrà, àsìkò yìí ni.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* lálaalẹ́, ẹ yọ “ó kù” kúrò nínú owó tó wà lọ́wọ́. Bí ó bá wà lábẹ́ òdo, akápò gbọ́dọ̀ pe alága kí ilẹ̀ tó mọ́.

6. Àárín iṣẹ́ kan sí èkejì

Olúkúlùkù lè ṣe tirẹ̀ tán, kí nǹkan sì bàjẹ́ síbẹ̀, nítorí ibi tí iṣẹ́ kan ti ń kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwọn ìlà wọ̀nyí gbọ́dọ̀ ní orúkọ tiwọn:

Ta ló mú ìwé mọ́ṣúárì dání ní àárọ̀ ìsìnkú? Ọ̀pọ̀ mọ́ṣúárì kì í gbé òkú fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé. Bí ẹni tó gbé ìyá síbẹ̀ bá jẹ́ aládùúgbò, òun gan-an gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, tàbí kí ó kọ ìwé àṣẹ ṣáájú. Ta ló kó aṣọ ìyá, bàtà rẹ̀ àti gèlè rẹ̀ lọ ní Ọjọ́rú? Bí aṣọ bá dé àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ á dúró fún wákàtí méjì.

Ta ló mú owó ìyókù awakọ̀ àti agbépósí dání ní owó lọ́wọ́? Bí ẹ bá gbára lé fífi owó ránṣẹ́ lórí fóònù lójú ibojì, ẹ máa kẹ́kọ̀ọ́ nípa nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ fi í sínú àpòòwé, orúkọ àti iye lára rẹ̀, kó wà lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ òkú. Ẹni tó ń sunkún kò lè ka owó.

Ta ló ń gba owó tí àlejò bá fi kí ẹbí? Ẹni méjì, ìwé kan. Ọ̀kan ń gbà, ọ̀kan ń kọ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ẹ jókòó, ẹ rìn ọjọ́ náà já lẹ́nu, láti mọ́ṣúárì ní aago méje, dé ilé, dé ṣọ́ọ̀ṣì ní aago mẹ́wàá, dé ibojì, dé abẹ́ kánópì. Níbi tí ẹnikẹ́ni bá ti ní “wọ́n á”, ẹ dá a dúró, kí ẹ bi í pé “ta ni wọ́n?”

7. Lẹ́yìn ìsìnkú

Iṣẹ́ mẹ́ta ló kù, kí wọ́n sì ti wà nínú àtẹ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Àbíkẹ́yìn àti oníkánópì máa jọ ka àga ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì kí ọkọ̀ tó kó wọn. Bí wọ́n bá kà á ní Ọjọ́ Ajé, àga tó sọnù lọ́nà á di tiyín. Ẹnì kan máa mú ìwé ikú ilé ìwòsàn lọ sí ọ́fíìsì Àjọ Ètò Ìkànìyàn láti gba ìwé ẹ̀rí ikú, torí pé báǹkì ìyá máa béèrè fún un. Akápò sì máa ka ìṣirò fún àwọn ọmọ lẹ́yìn ìdúpẹ́ Ọjọ́ Àìkú, pẹ̀lú rìsíìtì, kí ti Lọ́ńdọ̀nù tó wọkọ̀ òfuurufú. Bí owó àìròtẹ́lẹ̀ bá ṣẹ́kù, ẹ pín in padà ní ìdọ́gba bí ẹ ṣe dá a. Ẹni tó bá fẹ́ fi tirẹ̀ ṣe òkúta ibojì lè dá a padà fún akápò.